Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Yóò Bá Wa Kó Ìdọ̀tí Ní Yeoville

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gbé ní Yeoville, Berea, Bertrams àti Bezuidenhout Valley, Sátidé kẹta nínú oṣù Kẹsàn-án la ó jáde kó ìdọ̀tí àdúgbò wa, láti aago méje òwúrọ̀ títí di aago mọ́kànlá, mo sì ń wá ọgbọ̀n ọ̀dọ́ tí yóò bá wa ṣe é. Àwọn ọmọ South Africa tí a jọ ń gbé ń bọ̀, àwọn ará Congo àti Zimbabwe náà ń bọ̀. Láti ọdún 2018 ni àwọn ènìyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún. Estonia, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Yúróòpù, ni èrò náà ti ṣẹ̀ wá: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, nǹkan bí 50,000 ènìyàn jáde níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì kó nǹkan bí 10,000 tọ́ọ̀nù pàǹtírí kúrò nínú igbó àti lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìdí tí a fi yan oṣù Kẹsàn-án yóò yé ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí pẹ́. Òjò kì í rọ̀ níhìn-ín nígbà òtútù. Ohun gbogbo tí a bá jù sílẹ̀ láàárín oṣù wọ̀nyẹn wà ní ẹsẹ̀ ògiri àti nínú gọ́tà, ó ti gbẹ, ó ń retí òjò. Nígbà tí òjò bá dé, ní oṣù Kẹwàá lọ́pọ̀ ìgbà, ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ló máa fi gbá gbogbo rẹ̀ lọ. A fẹ́ ṣáájú òjò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìmọ̀ràn wọ̀nyí kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, torí mo ti rí ọjọ́ ìgbálẹ̀ tó pọ̀, tó jẹ́ pé pàǹtírí kàn ṣí láti ojú kan bọ́ sí òmíràn ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí omi gọ́tà wa ń lọ

Orí òkè ni Yeoville wà. Bí òjò bá rọ̀ sí Rockey Street, ìsàlẹ̀ ni omi ń wá, yóò sì wọ inú àwọn ihò tí ẹ ń rí ní etí títì, lábẹ́ ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ihò yẹn àti páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀nà wọn yàtọ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ti ilé ìdáná ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ omi mọ́ kí wọ́n tó dà á sódò. Omi òjò kò yà síbì kankan. Kò sí ẹni tó ń sẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó ń fọ̀ ọ́. Inú odò ló ń lọ tààrà, òun àti gbogbo ohun tó bá rí gbé.

Odò náà ni Jukskei. Ìtòsí pápá ìṣeré Ellis Park ló ti ṣẹ̀, lábẹ́ kọnkéré, kò sì rí ojú ọ̀run títí ó fi dé agbègbè Bertrams àti Lorentzville. Láti ibẹ̀ ó gba Bruma kọjá, ó gba Edenvale, ó wọ Alexandra, ó sì ń lọ títí tó fi dara pọ̀ mọ́ odò Crocodile, tí wọ́n jọ wọ adágún Hartbeespoort. Àwọn tó ti pẹ́ níhìn-ín yóò rántí adágún Bruma, bí òórùn rẹ̀ ṣe ń lé àwọn oníbàárà lọ. Ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin láti òkè, láti irú àdúgbò tiwa yìí, ló ń wá kó jọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ṣe ni wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ.

Alexandra ni kí ẹ rò nípa rẹ̀ jù. Ní Stjwetla, ẹ̀bá odò gan-an ni àwọn ènìyàn kọ́ ilé páànù wọn sí. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, òjò ọ̀sán kan mú kí Jukskei kún àkúnya, ó sì gbá ọ̀pọ̀ ilé lọ. Mi ò sọ pé ike tiwa ló fa ìkún omi ọjọ́ náà, torí òjò yẹn le púpọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ibi tí omi bá ti ń gba abẹ́ afárá kékeré kọjá, bí ọ̀rá, ẹ̀ka igi àti aṣọ ògbólógbòó bá dí i ní ìdajì, òjò tí kò tó ti ọjọ́ yẹn pàápàá lè kún wọlé onílé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ ti nǹkan wọ inú ihò etí títì, ì báà ṣe ìyanrìn lásán. Ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi kó o sínú àpò. Ẹni tó bá sì ń fi omi fọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbálẹ̀, kó kó o, kó tó da omi.

2. Iṣẹ́ ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún

Bí ènìyàn ọgbọ̀n bá kàn dé láìsí ètò, gbogbo wọn yóò máa ṣa ìgò omi tó hàn sójú, wọn yóò fi òkìtì tó wà ní igun sílẹ̀. Ẹni márùn-ún márùn-ún la ó pín sí, ẹgbẹ́ mẹ́fà. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì ni yóò máa ṣà, ẹni kan yóò di àpò ohun gbígbẹ mú, ẹni kan yóò di àpò dúdú mú, ẹnì karùn-ún ni yóò mú àpò ìgò àti garawa ọlọ́mọrí, yóò sì tún máa wo ọkọ̀ fún àwọn yòókù. Ẹni tó ń ṣà kì í dá àpò mú. Bó bá ń dá a mú, yóò rẹ̀ ẹ́, ohun gbogbo yóò sì máa wọ inú àpò kan.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba bulọ́ọ̀kù kan, kò ní kọjá ibẹ̀. Ẹ má dù ú pé ẹ fẹ́ parí gbogbo Yeoville. Mo fẹ́ bulọ́ọ̀kù mẹ́fà tí a ṣe tán pátápátá ju ogún tí a fọwọ́ kàn lọ.

3. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ ti ṣà á sọ́tọ̀

Ibí ni ọkàn mi wà jù lọ. Ọmọkùnrin kan bi mí léèrè pé, “Màmá, kí ló dé tí a ò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ná, ká wá ṣà á sọ́tọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nígbà tí iṣẹ́ bá fi parí, kò ní sí ohun tó kù láti ṣà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú òkìtì kan tí a mọ̀, irú èyí tó wà ní igun òpópónà tó pọ̀ ládùúgbò wa. Ajá tàbí eku ti ya àpò dúdú. Páálí mẹ́ta wà lókè, ó gbẹ. Nǹkan bí ogójì ìgò omi àti ohun mímu onike wà níbẹ̀. Páńpásì wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó kù nínú páàkì oúnjẹ wà níbẹ̀, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, agolo bíi mélòó kan àti irun atáṣímẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi ṣọ́bìrì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kó lè gba púpọ̀ sí i, ọbẹ̀ àti epo yóò wọ inú páálí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Páálí tó bá ti mu epo kò ṣeé sọ di páálí tuntun mọ́, torí omi ni wọ́n ń fi rẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́, epo kì í sì í bá omi lọ. Páńpásì yóò bẹ́. Òórùn rẹ̀ yóò mú ìgò ogójì yẹn, tó jẹ́ pé wọn kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, débi pé ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Gbogbo rẹ̀ á wá di ẹrù ààtàn.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Láti òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì. Ẹ yọ páálí gbígbẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ fi okùn dì í. A kì í kó o sínú àpò rárá. Lẹ́yìn náà, ìgò onike. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ da omi tó kù nínú rẹ̀ sí orí ilẹ̀ tó ní koríko, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ sì dé e padà. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún àwọn kan nínú yín pé kí ẹ ju ìdérí nù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nílé iṣẹ́, wọ́n ń lọ ìgò àti ìdérí pọ̀, wọ́n á wá dà á sínú omi: ike ìgò á rì, ti ìdérí á léfòó. Ìdérí tó bá já bọ́ sílẹ̀ sì ni àwọn ihò etí títì ń gbé mì jù.

Àpò funfun tó mọ́ gaara ni kí ìgò àti agolo wọ̀, kí ẹni tó ń gbà á lè rí inú rẹ̀. Ìgò gíláàsì wọ àpò ìrẹsì, torí ó ń gé ọ̀rá. Ohun tó kù, tó tutù tàbí tó ní epo, ló wọ àpò dúdú. Ogójì ìgò kékeré tí mo mẹ́nu bà yẹn kò ju nǹkan bíi kílò kan lọ, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bí omi bá wà nínú ìdajì wọn, kílò yẹn á di púpọ̀, ẹni tó ń rà á á sì kọ̀ ọ́ tàbí kó yọ owó rẹ̀. Bí ẹ bá gbé àpò funfun tó wúwo jù bó ṣe yẹ lọ, ẹ mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ tú u.

4. Ẹ mọ pàǹtírí tiwa gan-an

Ìwé tí wọ́n ń pín fún wa lórí yíyà ìdọ̀tí sọ́tọ̀ máa ń ya àwòrán páálí mílíìkì àti ìwé ìròyìn. Ilé Yorùbá kì í sábà da ìyẹn nù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa jẹ́ ike tó dára, tó lágbára. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí onígun mẹ́ta kékeré tí wọ́n kọ 2 sí, àwọn tó ń ra ike sì fẹ́ràn rẹ̀. Epo inú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí abọ́ ní òru mọ́jú, kí epo tó kù ro jáde, ẹ ṣì lè fi se ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ sí i, ẹ mì í. Omi yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, ẹ má dà á síta. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ bá rí ní títì tó sì ti kún fún erùpẹ̀ àti epo, kò sí àyè láti fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Àpò dúdú ni tirẹ̀.

Ìgò omi àti ti ohun mímu ní nọ́ńbà 1. Èyí tó mọ́ gaara ló níye lórí jù, èyí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Agolo oríṣi méjì ló wà: agolo tòmátì, ti sadíìnì àti ti mílíìkì jẹ́ irin, òòfà yóò sì mú un, agolo bíà àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lóde òní jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, òòfà kì í mú un. Alumíníọ́ọ̀mù níye lórí ju irin lọ. Ẹ kó méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn tó ń rà á mọ bí wọ́n ṣe ń yà á.

Ọ̀rá Indomie, ọ̀rá ṣípììsì àti ti bisikíìtì ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹ rún un mọ́ ọwọ́, kí ẹ sì tú ọwọ́. Bó bá là padà fúnra rẹ̀, oríṣi ike tàbí irin ti lẹ̀ mọ́ra nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rà á ládùúgbò wa: àpò dúdú. Bẹ́ẹ̀ náà ni páàkì fóòmù tí a fi ń ta oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ, mo bẹ̀ yín, bí oníbàárà bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá, ẹ fi ẹran kan kún un fún un.

Wàyí o, irun. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń dirun ní Rockey Street àti Raleigh Street fetí sí mi dáadáa. Atáṣímẹ́ǹtì jẹ́ ike tí wọ́n fà di òwú. Kì í jẹrà. Bó bá wọ inú gọ́tà, á lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi tàbí irin, ewé á há sí i, ọ̀rá á há sí ewé, láìpẹ́ ó ti di odi. Nígbà tí a bá ṣí gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù, irun ni a sábà máa ń bá tó so ìyókù pọ̀. Kò sí ẹni tó ń rà á láti tún un lò, nítorí náà kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ fún un, kí wọ́n dì í lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e sínú bínì. Afẹ́fẹ́ oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án níhìn-ín le; àpò tí a kò dì lẹ́nu kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò kó.

Ìgò bíà ńlá tí ilé ìtajà ọtí ń gba padà, ẹ má fọ́ ọ, owó ìdógò wà lórí rẹ̀. Gíláàsì wíńdò, dígí àti ife ìmumi kì í bá ìgò lọ, torí iná tó ń yọ́ wọn kò dọ́gba. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e nípọn kó tó wọ àpò dúdú.

5. Àwọn tó ń fa tìrólì ni ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà

Ẹ ti rí wọn láàárọ̀, tí wọ́n ń fa àpò funfun ńlá lórí irin oníkẹ̀kẹ́, láàárín ọkọ̀, ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ríkíléémà ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ South Africa, àwọn mìíràn wá láti Lesotho àti Zimbabwe. Ilé ìwádìí CSIR ti ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo ike, páálí, agolo àti ìgò tí a ti lò tí wọ́n ń kó padà ní South Africa, ìpín 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Wọ́n ní ẹgbẹ́, African Reclaimers Organisation, ẹgbẹ́ náà sì ti bá àwọn onílé ní Brixton àti Auckland Park ṣètò pé kí wọ́n máa ya ohun gbígbẹ sọ́tọ̀ sínú àpò fún ríkíléémà tó ń wá sí òpópónà wọn. Láti ọdún 2021 ni òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike àti páálí máa san owó iṣẹ́ fún àwọn ríkíléémà tó bá forúkọ sílẹ̀. Ó ń falẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì rí i gbà.

Àpò funfun wa, páálí wa àti agolo wa, tiwọn ni gbogbo rẹ̀. A kò ní tà á. Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ká tà á, ká fi owó rẹ̀ ra ohun mímu fún àwọn tó ṣiṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Òkìtì tí a fẹ́ kó ní ọjọ́ kan yẹn ni oúnjẹ ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí a bá kó o lọ tà, a ti já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀, a ó sì tún máa pe ara wa ní ẹni tó ń ṣe rere.

Nítorí náà, kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ríkíléémà tó ń ṣiṣẹ́ ní bulọ́ọ̀kù rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ kí i dáadáa. “Sawubona” tàbí “Dumela” kò wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, torí iye owó ń yí padà: ohun tí wọ́n ń rà lóṣù tó kọjá lè má rí oníbàárà lóṣù yìí. Bó bá ní òun kì í gba gíláàsì torí ó wúwo jù fún òkè Yeoville, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ wá ibòmíràn fún gíláàsì. Bó bá sì fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́, òun ni kó dúró níwájú, kó máa fi hàn yín ohun tó tọ́ sí àpò wo.

6. Ohun tí ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kàn

Abẹ́rẹ́ wà láàárín ìlú yìí, pàápàá nínú ọgbà ìtura àti lẹ́yìn àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ẹ má fi ìka mú un, ì báà ṣe pé ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀wọ́ onírọ́bà tó nípọn tí àwọn ọlọ́gbà ń lò la fẹ́. Ti dókítà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó mú garawa ni ẹ ó pè. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgò onike líle wà nínú garawa, inú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń lọ, orí abẹ́rẹ́ síwájú, a ó sì gbé e lọ sí kílíníìkì. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ẹnikẹ́ni, kó fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má fún un, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV wà níbẹ̀, wákàtí 72 ni àkókò rẹ̀ mọ, bó bá sì ti yá tó ló dára tó.

Bátìrì, gílóòbù gígùn àti fóònù tó bàjẹ́ kì í wọ àpò dúdú. Mẹ́kúrì wà nínú gílóòbù gígùn, bó bá fọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá ló ní àpótí fún bátìrì àti gílóòbù ní ẹnu ọ̀nà. Ní ti ohun èlò oníná, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni òfin ti kọ̀ ọ́ pé kó wọ ààtàn.

7. Kí a tó kó o, ká ti mọ ẹni tí yóò gbé e

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, ìbẹ̀rù wólé-wólé ló ń mú wa gbálẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1980, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù wá di ọjọ́ ìmọ́tótó, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde títí di aago mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn ṣiṣẹ́ gan-an. Wọ́n á gbẹ́ ẹrẹ̀ inú gọ́tà, wọ́n á kó o jọ sí etí gọ́tà náà, wọ́n á wọlé lọ wẹ̀. Ní àdúgbò wa, bí ọkọ̀ kò bá tètè dé, òjò ọ̀sẹ̀ kejì á dá gbogbo ẹrẹ̀ yẹn padà sí ibi tó ti wá. Mo rí i lójú ara mi, léraléra, kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Níhìn-ín, Pikitup ni ilé iṣẹ́ ìlú tó ń kó ìdọ̀tí láti ọdún 2001. Bínì onítáyà tó ń gba 240 lítà tí ẹ ní nílé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kó o, wọn kò sì ní kó ogójì àpò tí wọ́n kàn bá ní igun títì láìjẹ́ pé a ti sọ fún wọn. Àpò tí a bá fi sílẹ̀ síbẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé, àwọn mìíràn á wá kó tiwọn tì í kó tó di Sọ́ńdè, a ó sì ti dá ààtàn tuntun sílẹ̀. Nítorí náà, a ní láti bá Pikitup àti kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú: ibi kan ṣoṣo tí gbogbo àpò dúdú yóò wà, aago tí ọkọ̀ yóò dé, iye àpò tí a ń retí. Ẹgbẹ́ mẹ́fà, àpò bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ fún ẹgbẹ́ kan, ìyẹn wà láàárín 36 sí 48. Mo nílò ẹni méjì tó gbọ́ òyìnbó dáadáa tó sì ní sùúrù fún fóònù, láti bá mi ṣe èyí. Ẹni méjì mìíràn yóò dúró ti àpò títí ọkọ̀ yóò fi gbé e. Iṣẹ́ tiwọn kò parí ní aago mọ́kànlá.

Bíríkì fífọ́ àti kọnkéré tí àwọn tó ń tún ilé ṣe ń dà sílẹ̀ lóru, ẹ má kó o sínú àpò. Á ya, á sì dá yín ní ẹ̀yìn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ òpópónà, kí a fi ránṣẹ́ sí ìlú.

8. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2018 ni Johannesburg ti sọ yíyà ìdọ̀tí sọ́tọ̀ nílé di dandan ní àwọn àdúgbò kan. Ààtàn mẹ́rin tí ìlú ní, Robinson Deep, Marie Louise, Goudkoppies àti Ennerdale, ń kún, àyè kò sì pọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun méjì péré ni ilé kan nílò: bínì fún ohun tútù, àpò kan tí ẹ fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ohun gbígbẹ. Ẹ fi omi tí ẹ fi fọ abọ́ ṣan agolo àti ìgò kí ẹ tó jù ú sínú rẹ̀, kí aáyán má bàa wá. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, yóò di ajílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Pikitup bá ń bọ̀, ẹ gbé àpò gbígbẹ jáde láàárọ̀ kùtù, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bínì. Ríkíléémà tí ẹ ti mọ̀ yóò gbé e láìjẹ́ pé ó ti orí bọ inú bínì yín.

Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi nínú ọjà Yeoville, ní Rockey Street, lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Iwájú ọjà náà la ó ti pàdé. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ dé fìlà, ẹ gbé omi dání nínú ìgò tí ẹ lè tún lò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún lè bá wa di páálí níwájú ọjà, ṣùgbọ́n kò ní lọ sí ẹ̀bá títì. Ẹni tí kò bá ní ìbọ̀wọ́ kó sọ fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí a lè rà á.